Wọ́n ta ṣíà mi ní iye mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé búrókà ló fi ìyókù sápò?

Ọmọ́tádé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní ṣíà 5,000 nínú ilé-iṣẹ́ kan tí ṣíà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yá lọ́jà. Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣí áàpù búrókà mi, mo rí 24.50 níwájú orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Mo tẹ Sell, mo yan Market, mo kọ 5,000 sí i. Ìṣirò tèmi ni pé 122,500 ló máa wọlé kí wọ́n tó yọ owó iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí ìwé ẹ̀rí òwò dé, ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí:

600 ní 24.40
900 ní 24.30
1,500 ní 24.00
2,000 ní 23.60

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 119,710. 2,790 ti wọmi, a ò sì tíì dé orí owó iṣẹ́. Kò sí ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n kọ 24.50 sí. Èyí tó tún ń bí mi nínú ni pé owó náà ń hàn nínú àkáùntì mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n gbà á jáde, wọ́n á ní kí n mú sùúrù di ọjọ́ iṣẹ́ kejì. Ṣé kì í ṣe pé búrókà yìí ta á ní 24.50 fún ẹlòmíràn, tó wá fi ìyókù sápò? Ọwọ́ ta sì ni owó mi wà báyìí?

Lékè_B

Búrókà kọ́ o. Ọjà ló ń fi iye lé ṣíà. Bí o bá ta tìrẹ, ọjà ló rà á lọ́wọ́ rẹ, òun ló sì máa tà á fún ẹni tó bá fẹ́. Bí o bá kó ẹrù púpọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà á já iye wálẹ̀ fún ọ. Bó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn, kò sí ohun tí o lè ṣe sí i.

Akin_Oníṣirò

Lékè, o jàre pé kò ní láti jẹ́ olè ló jà á. Ṣùgbọ́n ọjà kì í ra ṣíà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kì í sì í fi iye lé nǹkan kan. Ìwé àṣẹ ni ọjà ní, ọ̀kan fún ṣíà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ló ń tọ́jú rẹ̀. Lápá kan, àwọn tó fẹ́ rà ti kọ iye tí wọ́n lè san àti iye ṣíà tí wọ́n ń wá. Lápá kejì, àwọn tó fẹ́ tà ti kọ iye tí wọ́n lè gbà. Nínú àwọn tó ń rà, ẹni tó fẹ́ san jù ló wà níwájú. Nínú àwọn tó ń tà, ẹni tó fẹ́ gba owó tó kéré jù ló wà níwájú. Bí ẹni méjì bá kọ iye kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ṣáájú. Tí iye tó ga jù lọ́wọ́ olùrà kò bá tó iye tó kéré jù lọ́wọ́ olùtà, òwò kò ní wáyé, olúkúlùkù á dúró sí àyè rẹ̀.

Ọmọ́tádé, 24.50 tí o rí yẹn, iye tí àwọn kan fi ṣòwò kẹ́yìn ni. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ó lè jẹ́ láti òwúrọ̀, ó sì lè jẹ́ ṣíà mẹ́wàá péré ni wọ́n tà. Kì í ṣe pé ẹnì kan dúró síbẹ̀ tó ń sọ pé òun á ra 5,000 ní iye yẹn. Iye tó kàn ọ́ ni èyí tí àwọn olùrà kọ sílẹ̀ ní àkókò tí àṣẹ rẹ wọlé. Bí mo bá fi ìwé ẹ̀rí rẹ ṣe ìwọ̀n, ó jọ pé báyìí ni apá àwọn olùrà rí:

24.40: 600
24.30: 900
24.00: 1,500
23.60: 2,000

Nígbà tí o yan Market, ohun tí o sọ fún ẹ̀rọ ni pé, "Ẹ ta gbogbo rẹ̀ báyìí, iye yòówù kó jẹ́." Ẹ̀rọ mú àṣẹ rẹ, ó pàdé 600 tó wà níwájú, ó jẹ ẹ́ tán. Ó ku 4,400. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí 24.30, ó jẹ 900, ó ku 3,500. Ó jẹ 1,500 ní 24.00, ó ku 2,000. Àwọn tó wà ní 23.60 ló wá gbà á tán. Bí o bá pín 119,710 sí 5,000, 23.942 ni ìpíndọ́gba ṣíà kan. Kò sí ẹni tó já iye wálẹ̀ fún ọ. Àṣẹ rẹ fúnra rẹ̀ ló ń rìn kalẹ̀ bí àwọn olùrà ṣe ń tán.

Ká ní Limit lo yàn, tí o kọ 24.30 pé ìyẹn ni iye tó kéré jù tí o lè gbà, 1,500 ni ì bá tà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: 600 ní 24.40, 900 ní 24.30. Ẹ kíyè sí i pé Limit 24.30 kò ní kó o tà á ní 24.30 bí ẹni tó fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ bá wà. Àjẹkù 3,500 á wá dúró sínú ìwé àṣẹ ní 24.30, lápá àwọn olùtà, títí ẹnì kan á fi wá pàdé rẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé ó lè má tà rárá, kí iye sì sọ̀ kalẹ̀ sí 22 níṣojú rẹ. Ohun tí Market ń ṣe ìlérí rẹ̀ ni pé á tà, kò ṣe ìlérí iye. Limit ń ṣe ìlérí iye, kò ṣe ìlérí pé á tà. Fún ṣíà tí kò yá lọ́jà, èmi kì í fọwọ́ kan Market.

Ní ti pé bóyá búrókà jẹ nínú rẹ̀, o ò ní láti méfò. Òwò kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ ọjà bá so pọ̀ ní nọ́ńbà àti àkókò. Béèrè fún wọn, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá. Wo ìwé ẹ̀rí òwò rẹ dáadáa pẹ̀lú: ní ọ̀pọ̀ ọjà, ó gbọ́dọ̀ sọ bóyá búrókà ṣojú rẹ nìkan ni, tàbí òun gan-an ló fi owó ara rẹ̀ ra ṣíà náà lọ́wọ́ rẹ. Bó bá jẹ́ èkejì, ìbéèrè rẹ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ gan-an.

Ìyá Dára

Tèmi yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá a sọ níbí. Mo gbé Limit kalẹ̀ láti ta 300 ní 18.20. Mo jókòó, mo ń wo ojú fóònù, mo rí i pé òwò wáyé ní 18.20, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Tèmi kò tà. Iye sì padà sí 17.90 títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wá sọ fún mi pé kì í ṣe pé búrókà gbàgbé àṣẹ mi sínú dúrọ́ọ̀.

Akin_Oníṣirò

Ìyá Dára, ìlà ni ẹ wà. Bí àwọn mìíràn bá ti kọ 18.20 ṣáájú yín, tí wọ́n sì jẹ́ 4,000 lápapọ̀, tí àwọn olùrà tó dé kò ra ju 2,500 lọ ní iye yẹn, kò ní kàn yín. Ṣé ẹ fọwọ́ kan àṣẹ náà lẹ́yìn tí ẹ gbé e kalẹ̀?

Ìyá Dára

Mo kọ́kọ́ kọ 200, mo wá sọ ọ́ di 300. Iye kò yí padà.

Akin_Oníṣirò

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Lọ́pọ̀ ọjà, bí ẹ bá dín iye ṣíà kù, ẹ ò ní pàdánù àyè yín. Bí ẹ bá fi kún un, tàbí tí ẹ yí iye owó padà, ẹ̀yìn ìlà ni ẹ máa lọ, nítorí ẹ̀rọ á kà á sí àṣẹ tuntun. Bí ẹ bá tún fẹ́ fi 100 kún un lọ́jọ́ mìíràn, ẹ gbé 100 kalẹ̀ lọ́tọ̀. 200 tó ti wà tẹ́lẹ̀ á dúró síbi tó wà.

Ṣadé_K

Akin, ẹni tó kọ́kọ́ dé kọ́ ló máa ń ṣáájú níbi gbogbo o. Ní àwọn ọjà kan tí wọ́n ti ń ta àdéhùn ọjọ́ iwájú, pàápàá ti èlé owó, wọ́n máa ń pín in ni: ẹni tó bá kọ púpọ̀ á rí púpọ̀ gbà, kódà bó bá dé lẹ́yìn. Níbòmíràn, àwọn àṣẹ tí wọ́n fi pa mọ́, tí kò hàn sójú ìwé, máa ń dúró sẹ́yìn àwọn tó hàn, bí wọ́n tilẹ̀ ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àárọ̀ nígbà tí ọjà bá fẹ́ ṣí, àti ìrọ̀lẹ́ nígbà tó bá fẹ́ pa: wọ́n á kó gbogbo àṣẹ jọ láì so ìkankan pọ̀, wọ́n á wá iye kan ṣoṣo tí ṣíà tó pọ̀ jù lọ á fi lè yí ọwọ́ padà, gbogbo ẹni tó bá bá iye náà mu á sì ṣòwò ní iye kan yẹn. Ká ní Ọmọ́tádé tà nígbà yẹn ni, iye kan ṣoṣo ló máa bá nínú ìwé rẹ̀.

Akin_Oníṣirò

Òótọ́ ni. Ti ṣíà lásán láàárín ọjọ́ ni mo ń sọ. Fún ṣíà tí kò yá, àsìkò ìpalẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn olùrà máa ń pọ̀ sí jù.

Alàgbà_Fẹ́mi

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀dọ̀ búrókà ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, kì í ṣe níwájú níbi tí wọ́n ti ń tà, ẹ̀yìn ilé ni mo wà, níbi tí a ti ń rí i pé owó àti ṣíà dé ibi tó yẹ. Ẹ ti dáhùn apá kìíní. Kò sẹ́ni tó tíì dá ọmọ wa lóhùn lórí ibi tí owó rẹ̀ wà.

Ọmọ́tádé, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn ò tíì san án. Iye tí ò ń rí nínú àkáùntì rẹ, ìlérí ni. Òwò ti wáyé, ṣùgbọ́n ṣíà kò tíì kúrò lórúkọ rẹ, owó kò sì tíì kúrò lápò olùrà. Ọjọ́ iṣẹ́ kejì tí wọ́n sọ fún ọ ni ọjọ́ ìyanjú, ọjọ́ náà ni méjèèjì máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣíà kò ní jáde ní ilé ìpamọ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ṣíà, àfi bí owó bá dé.

Láàárín ọjọ́ tí òwò wáyé àti ọjọ́ ìyanjú ni ewu wà. Àwọn tó ra ṣíà rẹ lè ju mẹ́rin lọ, wọ́n sì lè gba ọwọ́ búrókà mẹ́ta tàbí mẹ́rin wá. O ò mọ̀ wọ́n, wọn ò mọ̀ ọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn búrókà yẹn bá wó lálẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́? Iṣẹ́ ilé ìyanjú òwò nìyẹn. Gbàrà tí ẹ̀rọ ọjà bá ti so òwò pọ̀, ilé yìí á wọ àárín. Ìwé àdéhùn kan á di méjì: búrókà rẹ tà fún ilé ìyanjú òwò, ilé ìyanjú òwò tà fún búrókà olùrà. Látìgbà náà, kò kàn ọ́ mọ́ bóyá olùrà rẹ dára tàbí kò dára.

Ẹ jẹ́ ká fi ti 600 tó kọ́kọ́ tà ṣe àpẹẹrẹ. Búrókà tó rà á ní 24.40 ṣubú kó tó san owó. Ilé ìyanjú òwò á san 14,640 fún búrókà rẹ bí àdéhùn, á gba ṣíà náà, á sì gbé e lọ sọ́jà láti tà. Ká ní iye ti wálẹ̀ sí 22, 13,200 ló máa rí. Àdánù rẹ̀ jẹ́ 1,440. Ẹ rí i pé kì í ṣe 14,640 ló sọnù, nítorí ṣíà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ iye láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn nìkan ni ewu rẹ̀. Nítorí ìyàtọ̀ yìí ló ṣe ń gba owó ìdógò lọ́wọ́ búrókà kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́: bí ṣíà bá ń fò sókè sódò, ìdógò á pọ̀, bí ọjọ́ ìyanjú bá jìnnà, á tún pọ̀ sí i. Ìdógò ẹni tó ṣubú ni wọ́n máa kọ́kọ́ ná. Bí kò bá tó, wọ́n á mú ohun tó dá sínú àpò àjùmọ̀dá, lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀ nínú owó ilé ìyanjú fúnra rẹ̀, kó tó wá kan ohun tí àwọn búrókà yòókù dá. Kì í ṣe ìtàn lásán. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, oníṣòwò kan ní Nọ́wè tó ń ta àdéhùn iná mànàmáná kò lè san ohun tó jẹ lọ́dọ̀ Nasdaq Clearing, ilé ìyanjú òwò kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ilé náà tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ sì san èyí tó pọ̀ nínú àdánù náà, ó lé ní 100 mílíọ̀nù yúrò.

Ohun kejì tí wọ́n ń ṣe kì í hàn síta. Bí búrókà rẹ bá ra 10,000 fún àwọn oníbàárà kan lónìí, tó sì ta 9,200 nínú ṣíà kan náà fún àwọn mìíràn, 800 péré ló máa gbà wọlé lọ́jọ́ ìyanjú, owó ìyàtọ̀ nìkan ló sì máa san. Bí kò bá sí èyí, owó tí búrókà gbọ́dọ̀ máa gbé kiri lójúmọ́ ì bá ju agbára ọ̀pọ̀ wọn lọ.

Lékè_B

Ẹ ṣeun sà. Ó ti yé mi báyìí. Ìyẹn ni pé kò séwu rárá. Bí búrókà mi bá wó lọ́la, ilé ìyanjú òwò á san owó mi.

Alàgbà_Fẹ́mi

Rárá o, Lékè. Búrókà sí búrókà ni ilé ìyanjú òwò ń dúró fún. Bí owó bá ti dé ọ̀dọ̀ búrókà rẹ, tí òun wá ná an, ilé ìyanjú òwò kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dáàbò bò ọ́ níbẹ̀ ni òfin tó ní kí owó àti ṣíà oníbàárà wà lọ́tọ̀ sí ti búrókà, àti owó ìdáàbòbò tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ní fún irú rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá orúkọ rẹ gan-an ni ṣíà rẹ wà ní ilé ìpamọ́, tàbí orúkọ búrókà.

Ṣadé_K

Alàgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìdógò yìí gan-an ni wọ́n fi ń bojú. Ṣé a ti gbàgbé ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2021 ni? Robinhood, búrókà kan ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn èèyàn má ra ṣíà ilé-iṣẹ́ GameStop mọ́, wọ́n láyè láti tà nìkan. Àwọn ọlọ́lá tó ti tà láìní ṣíà lọ́wọ́, tí wọ́n ń pàdánù bí iye ṣe ń gòkè, ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. Àwọn oníbàárà ti san owó wọn pé, ìdógò kí ló tún kù?

Alàgbà_Fẹ́mi

Ṣadé, èmi ò mọ ohun tó wà nínú ọkàn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò ìdógò ti tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ilé ìyanjú òwò Amẹ́ríkà béèrè nǹkan bí bílíọ̀nù 3 dọ́là lọ́wọ́ Robinhood, wọ́n padà dín in kù gan-an. Nígbà náà, ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni ìyanjú ń gbà. Àwọn oníbàárà ti san owó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin kò gba búrókà láyè láti fi owó oníbàárà ṣe ìdógò ara rẹ̀. Owó tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé sílẹ̀ títí di ọjọ́ ìyanjú. Ìdí tí wọ́n fi dá rírà dúró, tí wọn ò dá títà dúró, ni pé ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn ló ń rà. Rírà tuntun kọ̀ọ̀kan ń fi kún ohun tí búrókà jẹ ilé ìyanjú òwò, títà sì ń dín in kù.

Ohun tí èmi á fi bá wọn wí ni pé wọn kò ní owó tó nílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ti sọ ìyanjú di ọjọ́ iṣẹ́ kan láti ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìdógò tí wọ́n ń béèrè sì tipa bẹ́ẹ̀ dín kù.

Ṣadé_K

Mo gbọ́ ìṣirò náà, sà. Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Robinhood ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ńlá kó lè máa darí àṣẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn, dípò kó gbé e lọ sọ́jà gbangba. Bí ẹni tó ń ṣojú mi bá ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń bá mi dúnàádúrà, ta ló ń ṣiṣẹ́ fún?

Akin_Oníṣirò

Wọ́n á sọ fún ọ pé àwọn oníṣòwò yẹn máa ń fún ọ ní iye tó sàn díẹ̀ ju ti ọjà gbangba lọ. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àṣẹ kékeré. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán láàárín àwọn aláṣẹ fúnra wọn, Yúróòpù ti pinnu láti fòfin dè é, Amẹ́ríkà ṣì ń gbà á láyè.

Ọmọ́tádé

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo béèrè àkókò bí ẹ̀gbọ́n Akin ṣe ní kí n ṣe. Wọ́n fi ránṣẹ́ lónìí. Wọ́n kọ ọ́ pé aṣojú ni wọ́n, wọn kò fi owó ara wọn rà á. Àkókò rẹ̀ nìyí:

600, 24.40: 11:14:07
900, 24.30: 11:14:07
1,500, 24.00: 11:14:07
2,000, 23.60: 11:18:31

Mẹ́ta àkọ́kọ́ bá àlàyé yín mu. Èwo ni ti ìṣẹ́jú mẹ́rin tó wà láàárín ìkẹta àti ìkẹrin?

Akin_Oníṣirò

Á, kò rí bí mo ṣe yà á nígbà yẹn nìyẹn. Ká ní 2,000 ti wà ní 23.60 ní 11:14:07, ìṣẹ́jú àáyá kan náà ni ì bá tà. Ohun méjì ló wá sí mi lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé àwọn olùrà tán pátápátá ní 24.00. Ohun tí ọjà ń ṣe sí àjẹkù àṣẹ Market yàtọ̀ síra: àwọn kan á fagi lé e, àwọn kan á sọ ọ́ di Limit ní iye tó tà kẹ́yìn. Bó bá di Limit ní 24.00, kò yẹ kó tà ní 23.60 láé. Bí wọ́n bá fagi lé e, a jẹ́ pé búrókà ló tún fi 2,000 náà ránṣẹ́ ní 11:18. Èkejì ni pé búrókà pín àṣẹ rẹ sí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì fi èyí tó kù pamọ́ ná. Bó bá jẹ́ pé wọ́n tún un fi ránṣẹ́ tàbí pé wọ́n pín in, ẹnì kan tàbí ẹ̀rọ kan lọ́dọ̀ wọn ló pinnu lórí 2,000 yẹn.

Lékè_B

Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń dúró kí iye gbé pẹ́ẹ́lí ni, kó má bàa jìyà. Ìyẹn kì í ṣe ìwà búburú.

Ìyá Dára

Wọ́n dúró, iye sì já. Ta ló ní kí wọ́n dúró?

Alàgbà_Fẹ́mi

Ọmọ́tádé, má tíì fẹ̀sùn kàn wọ́n. Kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń gba ẹjọ́ oníbàárà lọ́dọ̀ wọn, béèrè ohun méjì péré: àkókò tí àṣẹ 2,000 náà wọ inú ẹ̀rọ ọjà, àti irú àṣẹ tó jẹ́ nígbà tó wọlé. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ wọn. Béèrè náà pé kí wọ́n fi ìlànà tí wọ́n fi ń wá iye tó dára jù fún oníbàárà hàn ọ́. Bí àkókò ìwọlé bá jẹ́ 11:14, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Bó bá jẹ́ 11:18, àwọn ló máa ṣàlàyé.

Ọmọ́tádé

Mo ti kọ ọ́, mo ti fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n retí èsì láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá dé, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí.